Pẹ́ńṣàn Ìyá Àwọn Ọmọ Mi àti Ohun Tí Wọ́n Ń Sọ Nílé

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Ìbàdàn ní oṣù tó kọjá. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé kọ́ọ̀tù òyìnbó gé lára pẹ́ńṣàn ìyá àwọn ọmọ mi fún mi. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá ojú kò tì mí, nítorí ohun tí gbogbo wọn mọ̀ nílé ni pé obìnrin ló máa ń kó ìdajì dúkìá ọkùnrin lọ ní Ìlú Ọba. Mo dá wọn lóhùn pé òfin kò wo irùngbọ̀n kí ó tó pín nǹkan, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn.

Nílé, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ìgbéyàwó tí a ṣe lábẹ́ òfin ìjọba nìkan ni òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti ọdún 1970 wà fún. Ó fún adájọ́ lágbára láti pàṣẹ owó ìtọ́jú àti láti pín dúkìá bí ó bá ṣe tọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìlànà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, tí ó ní kí a gé apá kan lára àkáǹtì ìfẹ̀yìntì ọkọ kí a sì gbé e sí orúkọ ìyàwó. Àbúrò wa obìnrin lo ọdún 22 nílé ọkọ tí ó jẹ́ olùkọ́. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ni ó tú u ká, wọ́n jíròrò lórí owó orí àti àwọn ọmọ, kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ pẹ́ńṣàn. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé bàbá wa.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wéèsì, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2000 ni adájọ́ ti lè pàṣẹ pé kí a pín owó ìfẹ̀yìntì fún tọkọtaya tí ó kọ ara wọn sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyá àwọn ọmọ mi, awakọ̀ bọ́ọ̀sì sì ni èmi. Nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ òru, èmi ni mo dín ọjọ́ iṣẹ́ mi kù sí mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, tí mo ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ tí mo sì ń se oúnjẹ alẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án yẹn ni pẹ́ńṣàn tèmi kò fi dàgbà, nígbà tí tirẹ̀ ń ga sí i. Èyí ni n kò rí ọ̀rọ̀ fi ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ń béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2022, kò pọn dandan mọ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ̀bi kí ìgbéyàwó tó túká níbí, pípín pẹ́ńṣàn kì í sì í ṣe owó ìtanràn.

Kálukú wa kọ gbogbo ohun tí ó ní sínú Fọ́ọ̀mù E, a sì béèrè iye tí àwọn tí ń bójú tó pẹ́ńṣàn wa fi owó náà sí. Tirẹ̀ jẹ́ 180,000 pọ́n-ùn, tèmi jẹ́ 30,000. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í. Kò sí àpò kankan tí 180,000 náà wà nínú rẹ̀. Ìṣirò ìlérí ni: ètò ìlera ìjọba ṣèlérí láti máa san nǹkan bí 9,000 fún un lọ́dọọdún títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé, wọ́n sì sọ ìlérí yẹn di iye kan ṣoṣo. Tèmi jẹ́ owó gidi tí wọ́n fi ń ṣòwò, tí ó lè wálẹ̀, tí ó sì lè tán. Nítorí náà, pọ́n-ùn kan nínú tirẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ pọ́n-ùn kan nínú tèmi.

A sanwó fún onímọ̀ ìṣirò pẹ́ńṣàn kan, ìdáhùn méjì ni ó sì mú wá. Bí a bá fẹ́ kí iye tí a kọ sínú ìwé dọ́gba, kí òun gbé 75,000 wá sọ́dọ̀ mi, èyí tí ó súnmọ́ ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ́ńṣàn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ owó tí yóò máa wọlé lọ́jọ́ ogbó ni a fẹ́ kí ó dọ́gba, ìdá 40 ti tó, nítorí tèmi lè ra nǹkan bí 1,800 lọ́dún. Bí a bá yọ 3,600 kúrò nínú 9,000 tí a sì fi kún un, 5,400 ni yóò kan kálukú. Ìdá 40 ni a fẹnu kò sí, adájọ́ sì fọwọ́ sí i. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sínú àṣẹ náà níbí, kì í ṣe iye pọ́n-ùn, nítorí pé iye owó náà yóò ti yí padà kí ó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa gé e.

Ṣáájú ìgbà náà, ó ti fi 50,000 lọ̀ mí nínú owó ilé wa, kí n má fọwọ́ kan pẹ́ńṣàn rẹ̀. Òfin gba irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ṣe é. Àwọn ará ilé ní kí n gbà á kí n fi kọ́lé sí Ìbàdàn. Mo rò ó títí, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi: owó tí ó bá dé ọwọ́ mi lónìí, ìṣòro ìdílé yóò ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí oṣù tó parí. Wọ́n lè pè é ní ìwà ìmọtara-ẹni-nìkan, mo gbà.

Ohun tí ó fẹ́ ba ọ̀ràn náà jẹ́ ni ìkánjú mi. Mo ti fẹ́ béèrè àṣẹ ìkẹyìn tí ó ń tú ìgbéyàwó ká, kí àṣẹ pẹ́ńṣàn tó jáde. Lọ́yà dá mi dúró: bí ó bá kú ní àárín méjèèjì, n kì í ṣe opó rẹ̀ mọ́ tí ètò náà ń sanwó fún, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì ní ìpín tèmi. Bí mo bá sì fẹ́ ìyàwó mìíràn kí n tó béèrè ìpín nínú ilé ní kọ́ọ̀tù, ẹ̀tọ́ yẹn ti bọ́, bí kò tilẹ̀ kan pẹ́ńṣàn. Àwọn tí wọ́n kàn ya ilé gbé nítorí ìjọ tàbí nítorí ojú ayé ńkọ́? Kò sí ìpín fún wọn. Bí adájọ́ bá tilẹ̀ fún wọn ní ìwé ìyapa, a kò lè pín pẹ́ńṣàn lórí rẹ̀, àfi kí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rẹ́ mi kan gba ìkọ̀sílẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó nítorí pé ó yá níbẹ̀. Adájọ́ Èkó kò lè pàṣẹ fún ètò ìfẹ̀yìntì tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà kan ṣì wà: òfin kan ti ọdún 1984 gbà kí ẹni tí ó ti kọ ọkọ tàbí aya rẹ̀ sílẹ̀ lókè òkun tọrọ àyè lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó bá lè fi hàn pé ọ̀kan nínú wọn ní ìbátan tó tó pẹ̀lú ilẹ̀ náà, bíi kí ó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún kan gbáko, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì tún ìgbéyàwó ṣe. Ní ọdún 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Lọ́ńdọ̀n lo òfin yìí fún obìnrin kan, ọmọ Nàìjíríà, tí kọ́ọ̀tù Èkó ti kọ́kọ́ dá ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀. Owó ilé ni wọ́n pín fún un nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni pẹ́ńṣàn ń gbà.

Láti ìgbà tí gbogbo ìwé bá ti pé, oṣù mẹ́rin ni òfin fún ètò ìfẹ̀yìntì láti gé ìpín náà. Tèmi ti wà ní orúkọ mi báyìí, nínú ètò kan náà tí tirẹ̀ wà. N kò lè gbé e lọ síbòmíràn, n kò sì lè fọwọ́ kàn án títí n ó fi dàgbà tó. Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n tún pè lánàá pé kí n yọ díẹ̀ ránṣẹ́ nínú rẹ̀, kí àwọn fi kan òrùlé. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi mí bóyá ìyá àwọn ọmọ mi lè bá àwọn yọ lára tirẹ̀.