Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń kí ènìyàn, tó sì ń gún un lára

Kàbà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọ̀sẹ̀ ìparí sáà la wà yìí, àsìkò tí olùkọ́ kíláàsì máa ń wá máàkì kiri bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó já okùn. Àsìkò yìí náà ni irú àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fẹ́ tú palẹ̀ lónìí máa ń pọ̀ lórí Wọ́sáàpù àwọn olùkọ́. Olùkọ́bìnrin tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kọ ọ́ sí olùkọ́ ìṣirò tó jù ú lọ:

«Òkun o, sà. Ẹ kú iṣẹ́ ńlá. A mọ̀ pé ọwọ́ yín dí ju tiwa lọ. Bí mo ṣe sọ lọ́jọ́ Ẹtì, tí mo sì tún sọ lánàá, a ṣì ń retí máàkì ìṣirò kíláàsì kejì. Àwọn olùkọ́ yòókù ti fi tiwọn sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n kò séwu, ìgbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni. Olúwa á máa ràn wá lọ́wọ́.»

Kò sí èébú kankan níbẹ̀. Bí bàbá yẹn bá bínú, ẹni tó kọ ọ́ á ní, «Kí ni mo sọ? Ṣebí mo kí wọn ni.» Ṣùgbọ́n òkò ọ̀rọ̀ ni látòkè délẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí kò ní mọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé, ta lo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Gbólóhùn méje ló wà níbẹ̀. Ìkíni ni àkọ́kọ́. Ọ̀kan péré ló mẹ́nu kan máàkì, ìyẹn ìkẹrin, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ìṣirò iye ìgbà tí wọ́n ti sọ̀rọ̀. Ara bàbá yẹn ni ìyókù dá lé: ọwọ́ rẹ̀ tó dí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti ṣe tiwọn, ìgbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kódà àdúrà ìparí kì í ṣe àdúrà mọ́. Ẹ sì wo nǹkan tó burú jù: kò sí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí máàkì wọlé, kò sí ìdí tí ìdádúró fi ń dun ẹnikẹ́ni. Inú bíbí gba gbogbo àyè, ohun tí ó ń bí ènìyàn nínú kò ráyè wọlé.

Nítorí náà, kí a tó kọ òmíràn, ìbéèrè kan ló yẹ ká dáhùn: bí máàkì yìí kò bá wọlé títí di Ọjọ́bọ̀, kí ló máa bàjẹ́ gan-an? Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ká sọ pé ọmọ mẹ́rìndínlógójì ló wà ní kíláàsì, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ méjìlá. Olùkọ́ kíláàsì lè ní òun á fi mọ́kànlá tó wà nílẹ̀ ṣírò ná. Ọmọ kan ní 781 nínú mọ́kànlá, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 71. Èkejì ní 770, tirẹ̀ jẹ́ 70. Àkọ́kọ́ ló wà níwájú. Máàkì ìṣirò wá dé: àkọ́kọ́ gba 35, ó di 816, ẹ pín in sí méjìlá, 68. Èkejì gba 82, ó di 852, ìyẹn 71. Ipò ti yí padà. Bí iṣẹ́ kan bá kù, kò sí ipò ọmọ kankan tí ó dúró, gbogbo ìwé ló máa di pípa-rẹ́ àti títún kọ. Ìdààmú olùkọ́ kíláàsì nìyẹn, kò sì hàn rárá nínú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ ìṣirò rò pé àyè kan ṣoṣo ni tòun ṣófo, pé bó bá pẹ́ díẹ̀ kò ba nǹkan jẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á yọ ìbínú kúrò, wọ́n á sì gbé ọ̀rọ̀ gan-an dànù pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó máa kù á dà báyìí: «Òkun o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ráyè, ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ máàkì yẹn. Ẹ ṣeun.» Ó dùn létí, ṣùgbọ́n máàkì wo? Ọjọ́ wo? «Tí ẹ bá ráyè» ti fún un láṣẹ láti máà ráyè. Tó bá di Ọjọ́bọ̀, òkò ọ̀rọ̀ á tún padà wá, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí tí mo rò pé ó tọ́ nìyí:

«Òkun o, sà. Máàkì ìṣirò kíláàsì kejì nìkan ló kù kí n tó lè fi àwọn ọmọ sí ipò, torí bó bá wọlé lẹ́yìn, gbogbo ipò ló máa yí padà. Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀gá máa buwọ́ lu rìsọ́ọ̀tì, nítorí náà mo fẹ́ gbà á lọ́la kí a tó jáde. Bí ẹ kò bá tíì parí ìwé ìdánwò, ẹ lè ya fọ́tò máàkì tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́, màá ti máa dà á kọ. Ṣé ó máa ṣeé ṣe lọ́la, sà?»

«Sà» àti «ẹ» ṣì wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n wà. «Ẹ kú iṣẹ́ ńlá» ni mo yọ, torí pé fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì wọlé, yẹ̀yẹ́ ló máa gbọ́. Iye ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ náà lọ, nítorí kò yí ohun tí a ń béèrè padà. Àwọn olùkọ́ yòókù lọ pẹ̀lú. «Nìkan ló kù» ti sọ òtítọ́ yẹn láìfi ẹnikẹ́ni wé ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè ìparí gba ìṣọ́ra. Ó máa ń wu ènìyàn láti fi kún un pé, «àbí kí n sọ fún ọ̀gá?» Ó lè jẹ́ tinútinú ni, ṣùgbọ́n ìhàlẹ̀ ni ẹni tó kà á máa rí. Ẹ má sì pa òwe. Lójúkojú, ọmọdé á ní «tótó, ó ṣe bí òwe», àgbà á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán. Lórí fóònù, kò sí ojú tó máa rọ òwe, ìtumọ̀ tó le jù ni yóò dúró.

Àpò ìfiránṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò gangan ni kí àtẹ̀jíṣẹ́ yìí lọ, kì í ṣe gúrúùpù. Ọ̀rọ̀ kan náà, bí ó ti wù kó mọ́ tó, ẹ̀sùn ni lójú ogún ènìyàn.

Bí kò bá dáhùn títí di àárọ̀ ọ̀la, kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn tó máa wúlò. Kí olùkọ́ kíláàsì mú ìwé àti bírò lọ bá a ní yàrá olùkọ́ lásìkò ìsinmi ráńpẹ́, kí ó ní, «Sà, mo wá da máàkì kọ.» Bó bá sì jẹ́ pé sáà-sáà ló ń ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ igbákejì ọ̀gá nìyẹn, lẹ́yìn tí rìsọ́ọ̀tì bá ti jáde.