Ẹni tó ti ń bọ̀ wá rà tẹ́lẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí rítágẹ́tìn

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń fi fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí mi, "ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, náírà kan mú náírà mẹ́fà wọlé", mo rí i, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n rítágẹ́tìn lẹ ṣe, àwọn tó ti wọ ṣọ́ọ̀bù yín tẹ́lẹ̀ lẹ ń fi ìpolówó lé kiri, torí náà mi ò tíì lè bá yín jó. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún yín.

Èkíní, ẹ mọ ohun tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń kà. Lórí Meta, tẹ́ ò bá yí nǹkan kan padà, ẹni tó tẹ ìpolówó tó sì rajà láàárín ọjọ́ 7, wọ́n á kà á fún ìpolówó, ẹni tí ìpolówó kàn kọjá lójú ẹ̀ tí ò tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tó bá rajà láàárín ọjọ́ 1, wọ́n á kà á mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n ń sọ fún yín ni pé ó rí ìpolówó kó tó rà. Wọn ò sọ pé tí ò bá rí i kò ní rà. Bíi ti agbèrò ni: èèyàn ti gbé báàgì, ó ń lọ síbi ọkọ̀ Ìbàdàn tó ti mọ̀ pé òun fẹ́ wọ̀, agbèrò á tì í léjìká wọlé, á sì yíjú sí dẹ́rẹ́bà pé kó mú owó òun wá.

Èkejì, ẹ má fi ẹni tó rí ìpolówó wé ẹni tí ò rí i. Ibí ni mo fẹ́ dúró sí o, torí ó ṣì ń dùn mí. Ilé iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́, aṣọ àti bàtà ni wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ́jẹ́ńsì kan ló ń bá wọn ṣe ìpolówó. Ọ̀gá wa ní kí wọ́n wá fi hàn bóyá rítágẹ́tìn yìí ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Wọ́n mú ìwé wá, ó dán, wọ́n ní nínú àwọn tó wà lórí lísìtì, àwọn tó rí ìpolówó ra ọjà ní ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ àwọn tí ò rí i. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Wọ́n sọ bájẹ́ẹ̀tì di ìlọ́po méjì, owó tí wọ́n sì fi kún un, láti ara owó tá a fi ń wá kọsitọ́mà tuntun ni wọ́n ti gé e. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tó ń wọ wẹ́bùsáìtì dín kù, ọjà tó ń jáde dín kù, dáṣíbọ́ọ̀dù rítágẹ́tìn sì ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Èmi ni wọ́n wá bi pé kí ló dé tí wẹ́bùsáìtì ò fa èèyàn mọ́.

Mo bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà kí n ṣe àyẹ̀wò tèmi. Mo ti yí iye tí mo fẹ́ sọ yìí padà díẹ̀ kí n má baà tú àṣírí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. A kó àwọn 50,000 tó wo ọjà tàbí tó kó nǹkan sínú kaàtì láàárín ọjọ́ 14, a fi nọ́ńbà kọsitọ́mà wọn pín wọn bí ẹni ṣẹ́ kèké, 40,000 fún ìpolówó, 10,000 sí apá kejì. Àwọn 10,000 yìí, a gbé lísìtì wọn fún pẹpẹ ìpolówó pé ẹ má fi han àwọn wọ̀nyí. Ká tó bẹ̀rẹ̀ mo wò ó bóyá ọjà tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti rà sẹ́yìn jọra, ó jọra. Imeèlì àti ẹ̀dínwó tí a bá fẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹgbẹ́ méjèèjì la jọ fún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ìbéèrè tí mo bi dátà kò ju èyí lọ, `grp` ni ẹgbẹ́ tí a pín èèyàn sí, `bought` sì jẹ́ 1 fún ẹni tó rà, 0 fún ẹni tí ò rà:

```sql
SELECT grp, COUNT(*), AVG(bought)
FROM audience
GROUP BY grp;
```

Ẹ wo ìlà ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ẹ́jẹ́ńsì, `saw_ad` ni wọ́n fi sí ibi tí mo fi `grp` sí, gbogbo ìjà náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 40,000 tiwa, 24,000 ló rí ìpolówó, 8.4% nínú wọn sì ra ọjà. Àwọn 16,000 tó kù ò rí i, 2.4% ló rà. Ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ wọn nìyẹn, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo àwọn 10,000 tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò rí nǹkan kan: 5.6% ló rà. Tó bá jẹ́ ìpolówó ló ń mú wọn rà, ṣé kò yẹ kí tiwọn sún mọ́ 2.4%? Ẹni tó ń rí ìpolówó lẹni tó wà lórí fóònù lemọ́lemọ́, tó ń padà wá wo bàtà yẹn, pẹpẹ náà fúnra ẹ̀ sì ń dá a mọ̀ pé eléyìí máa rà, ó wá ń gbé ìpolówó lọ bá a. Ẹni tí ò rí i, bóyá kò tiẹ̀ tan dátà láti ọjọ́ yẹn.

Gbogbo 40,000 lápapọ̀, 6% ló rà, àwọn tá a yọ sílẹ̀ 5.6%. Ìyàtọ̀ 0.4%, tó jẹ́ ọdà 160. Dáṣíbọ́ọ̀dù ń pe 1,500. Ọdà kan jẹ́ nǹkan bíi ₦25,000, owó ìpolówó ₦6 mílíọ̀nù, ibẹ̀ ni "náírà kan mú mẹ́fà" ti wá. Nínú ₦25,000 yẹn, lẹ́yìn owó ọjà àti owó ìfiránṣẹ́, ₦7,500 ló máa ń ṣẹ́kù. Ọdà 160 wá jẹ́ èrè ₦1.2 mílíọ̀nù. Lórí ₦6 mílíọ̀nù!

Ọmọkùnrin ẹ́jẹ́ńsì yẹn wá sọ nínú ìpàdé pé 0.4% kéré, ó lè jẹ́ èèṣì lásán. Òótọ́ ló sọ o, mo ti ṣírò ẹ̀ kí n tó wọlé: pẹ̀lú iye èèyàn tá a ní, ìyàtọ̀ gidi lè wà níbikíbi láàárín -0.1% àti 0.9%. Mo ní ká fún un ní 0.9%, èyí tó dára jù fún un. Ọdà bíi 360 nìyẹn, èrè ₦2.7 mílíọ̀nù, ó ṣì ń jẹ gbèsè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí àwọn tó ń ta ìpolówó á máa fi "kò dájú" dí yín lọ́nà. Kò dandan kẹ́ ẹ mọ iye gan-an, tí apá òkè tó ga jù pàápàá ò bá lè san owó ara ẹ̀, ìpinnu ti dé nìyẹn.

Wọ́n ò gbà. Mo sọ ti eBay fún wọn: ní 2012 wọ́n dá owó ìpolówó dúró lórí Yahoo àti MSN fún àwọn tó ń fi orúkọ "eBay" gan-an ṣe ìwádìí, 99.5% nínú àwọn tí ìbá tẹ ìpolówó ló sì gba àbájáde ọ̀fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ wọlé. Kì í ṣe rítágẹ́tìn, ṣùgbọ́n àrùn kan náà ni, ẹni tó ti ń bọ̀ ni wọ́n ń sanwó fún. Mánéjà wa ní eBay kọ́ là ń ṣe níbí. Bọ́nọ́ọ̀sì ẹ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kí lẹ fẹ́ kó sọ?

Ohun tí wọ́n padà gbà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, orúkọ tèmi kọ́ ni wọ́n fi gbé e, ni pé kí wọ́n yéé lé ẹni tó kó nǹkan sínú kaàtì láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Nígbà tí mo pín dátà gẹ́gẹ́ bó ṣe pẹ́ tó tí èèyàn ti lọ, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá, àwọn tó ti lọ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ ló dà bíi pé ìpolówó fà padà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pín in báyìí, ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa èèyàn kẹ́ ẹ tó pín ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ẹni tó tẹ ìpolówó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ti padà sí ìṣirò ẹ́jẹ́ńsì. Ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ bá sì gé kékeré, èèṣì inú ẹ̀ á pọ̀ sí i, mo ní láti tún àyẹ̀wò yẹn ṣe lórí àwọn tó ti lọ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nìkan kó tó dá mi lójú.

Ẹ̀kọ́ kẹta àti ìkẹrin ti wọnú ìtàn lọ, ẹ má bínú. Ó ku kinní kan: ẹni tó ní fóònù méjì tí ò wọlé sínú àkáǹtì ẹ̀ lórí ọ̀kan lè wà nínú ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ yọ sílẹ̀ kó sì ṣì rí ìpolówó, èyí á mú kí ìyàtọ̀ kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Torí náà ẹ wo iye àwọn tá a yọ sílẹ̀ tí wọ́n ṣì rí i, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín fúnra yín kí ẹ́jẹ́ńsì tó bá yín rí i.