Òrùka Pílátínọ́mù àti ti Wúrà Funfun: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Iṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó sídìí tábìlì alágbẹ̀dẹ wúrà, àṣìṣe kan wà tí mo ṣe lẹ́ẹ̀mejì kí ojú mi tó là sí i. Òun ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, mú òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Hatton Garden, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wúrà funfun ni. Òkè rẹ̀ ṣì ń dán, ṣùgbọ́n apá tó kọjú sí àtẹ́lẹwọ́ ti di àwọ̀ ògì àgbàdo pupa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìka yìí ń yún mi.” Mo wo ìka náà, ara ibẹ̀ ti pọ́n, ó sì ti sú wẹ́wẹ́. Mo dá a lóhùn pé kò sí wàhálà, ródíọ́mù, irin funfun tí a fi bo ojú òrùka náà, ló ti ṣí. Mo dán an, mo ri í sínú ródíọ́mù, ó funfun bíi tuntun, ó sì lọ tayọ̀tayọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ó padà dé, ohun kan náà ni mo sì tún ṣe. Ìgbà kẹta tó dé, ọ̀gá mi ló gba òrùka náà lọ́wọ́ mi, ó sì bi mí pé: “Kí ló wà lábẹ́ ródíọ́mù yìí?” Èmi ò tíì bi ara mi rí.

Kò sí wúrà tó ń ti inú ilẹ̀ jáde ní funfun. Pípò la máa ń pò ó. Nínú wúrà kárátì 18, ìdá 750 nínú 1000 ni wúrà gan-an, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí 750 nínú rẹ̀. Ìyókù ni irin tó ń pa àwọ̀ rẹ̀ dà, pàládíọ́mù tàbí níkẹ́lì ló sì sábà máa ń jẹ́. Pàládíọ́mù wọ́n, kì í sì í sábà bá ara jà. Níkẹ́lì kò wọ́n, ó ń jẹ́ kí wúrà le dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà tí ara wọn kò gbà á rárá. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, wúrà náà kì í sábà funfun tán. Ródíọ́mù la fi ń bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ródíọ́mù tí a ń fi bò ó kò nípọn rárá. Iná mànàmáná ló ń gbé e láti inú omi rẹ̀ lọ lẹ̀ mọ́ òrùka, láàárín ìṣẹ́jú kan péré. Èyí tó wọ́pọ̀ kì í tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, fọ́nrán irun orí kan nípọn jù ú lọ fíìfíì. Ó le gan-an, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́lẹ́ tó báyẹn, bó ti wù kó le tó, ìfarakanra á jẹ ẹ́ tán. Nọ́ọ̀sì tó ń fọwọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà lóòjọ́, tó ń ti bẹ́ẹ̀dì, tó ń di irin mú, apá àtẹ́lẹwọ́ ni ródíọ́mù tirẹ̀ á ti kọ́kọ́ ṣí. Tó bá ti ṣí, òógùn á kan níkẹ́lì abẹ́ rẹ̀, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Ògiri tó ń wó ni mo kàn ń kùn lọ́dà ní gbogbo ìgbà yẹn.

Nítorí náà, bí oníbàárà bá ní ìka ń yún òun, ẹ má sáré lọ tan ẹ̀rọ ródíọ́mù. Ẹ kọ́kọ́ mọ irin tó wà lábẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ bò ó, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, torí bí ọṣẹ tí a fi ń dán òrùka bá kù sí kọ̀rọ̀ rẹ̀, ródíọ́mù kò ní í lẹ̀ níbẹ̀. Bí iná mànàmáná bá pọ̀ jù, á jó, á sì dúdú bí eérú.

Àbá tí ọ̀gá mi dá ni pé ká ṣe òrùka náà ní pílátínọ́mù 950. Ìdá 950 nínú 1000 ni pílátínọ́mù, irin mìíràn tó ń jẹ́ rùténíọ́mù sì ni ìyókù nínú èyí tí a lò. Kò sí níkẹ́lì níbẹ̀, kò sì nílò ródíọ́mù, nítorí àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn látinú wá. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4, nínípọn rẹ̀ mìlímítà 1.8, ihò rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní mìlímítà 17. Nígbà tó parí, ó wọn gíráàmù 9. Irú rẹ̀ gan-an ní wúrà funfun kárátì 18 tó ní pàládíọ́mù ì bá wọn bíi gíráàmù 6.7. Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní, “Háà, ó mà wúwo o!” Ẹ jẹ́ kí oníbàárà gbé méjèèjì wò kó tó sanwó, torí àwọn kan fẹ́ràn ìwúwo yẹn, àwọn kan kò sì lè gbà á mọ́ra.

Ìwúwo yìí náà la fi ń dá wọn mọ̀ láìha òrùka. Ẹ wọ̀n ọ́n ní gbẹrẹfu, kí ẹ tún fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so ó rọ̀ sínú omi, kí ẹ wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Òrùka gíráàmù 9 yẹn pàdánù gíráàmù 0.43 nínú omi. Ẹ fi 0.43 pín 9, ẹ ó rí nǹkan bí 21: pílátínọ́mù nìyẹn. Wúrà funfun kárátì 18 kì í sábà kọjá 16. Bí wọ́n bá sì ti lu òǹtẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sí i, orí ẹkùn ni àmì ilé àyẹ̀wò Lọ́ńdọ̀nù.

Mo ti kìlọ̀ fún nọ́ọ̀sì náà pé pílátínọ́mù ń họ. Ọ̀pọ̀ òǹtajà kì í sọ èyí. Pílátínọ́mù rọ̀ ju ọ̀pọ̀ wúrà funfun lọ, ó sì tètè ń tẹ̀ wọnú bí ẹ bá fi gbá irin. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń họ: bí ìgbà tí a fi ìka fa ilà lójú àmàlà ni, ohun tó kúrò lójú ilà kò sọnù, ẹ̀gbẹ́ ló sún sí. Ti wúrà ń bọ́ lọ ni. Nígbà tó mú un wá lẹ́yìn ọdún kan, ojú rẹ̀ ti ṣú díẹ̀, kò dán mọ́, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ohunkóhun kúrò lára rẹ̀. Ó fẹ́ kí n dán an. Mo fi irin tí a fi ń dán òrùka tẹ̀ ẹ́ padà sójú kan, n kò gbé e sí ẹ̀rọ tó ń dán nǹkan, torí ẹ̀rọ ló máa gé etí ilà wọ̀nyẹn dànù, àwa la ó sì fọwọ́ ara wa dín in kù. Bí obìnrin bá sì wọ pílátínọ́mù àti wúrà funfun papọ̀ sí ìka kan, wọn á máa jẹ ara wọn, wúrà ló sì sábà máa ń tín.

Ní ti owó, àwọn àgbà oníbàárà ṣì gbà pé pílátínọ́mù ló wọ́n jù. Nígbà kan lọ́dún 2008, òótọ́ ni, ó lé ní ìlọ́po méjì wúrà. Láti 2015 ni wúrà ti gba iwájú. Ẹ ṣírò òrùka wa yìí: nínú gíráàmù 9, pílátínọ́mù gan-an jẹ́ bíi 8.55. Nínú gíráàmù 6.7, wúrà gan-an jẹ́ bíi 5. Bí gíráàmù wúrà kan bá ti lé ní ìlọ́po 1.7 ti pílátínọ́mù, owó irin inú òrùka wúrà ló pọ̀ jù, bó tilẹ̀ fúyẹ́ jù. Ẹ wo iye ọjọ́ náà kí ẹ tó dárúkọ owó.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni ti pílátínọ́mù fi ń wọ́n. Ó di 1,768 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣọ́ọ̀sì kó tó yọ́, nígbà tí wúrà lásán ń yọ́ ní 1,064, torí náà fífẹ̀ ẹ́ tàbí dídín in kù gba iná tirẹ̀, awò dúdú tirẹ̀, àti irinṣẹ́ tí kò tíì kan wúrà. Ṣùgbọ́n wúrà funfun náà ní ìnáwó tirẹ̀: 45 pọ́n-ùn ni à ń gba fún ródíọ́mù lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ń ṣe é ní oṣù méjìdínlógún-méjìdínlógún fún ogún ọdún á ṣe é tó ìgbà mẹ́tàlá, 585 pọ́n-ùn nìyẹn. Mo kọ iye náà sórí ìwé fún nọ́ọ̀sì wa, mo sì jẹ́ kó bá ọkọ rẹ̀ gbé e yẹ̀wò nílé. Òrùka àtijọ́ náà, a wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀, a sì yọ owó wúrà inú rẹ̀ kúrò nínú owó tuntun.