Kí wọ́n tó rọ gáàsì sí fíríìjì yín: ẹ yẹ hítà, sẹ́ńsọ̀ àti táímà wò

Ohun tí iṣẹ́ fíríìjì kọ́ mi jù ni pé bí fírísà òkè bá ń dì, tí ìsàlẹ̀ tí a ń kó ọbẹ̀ àti omi sí ò tutù mọ́, gáàsì kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Fíríìjì tí fáànù ń fẹ́ òtútù rẹ̀ kiri, èyí tí yìnyín kì í hù sára ògiri rẹ̀, ni mo ń sọ. Ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́ níbí, ohun tí oníbàárà sábà máa ń gbọ́ ni "Màmá, gáàsì yín ló lọ." Wọ́n á gé páìpù, wọ́n á rọ gáàsì tuntun, wọ́n á gbowó, fíríìjì á sì tutù fún bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó tún dáṣẹ́ sílẹ̀. Gáàsì yẹn kọ́ ló wò ó sàn. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára iná láti ṣiṣẹ́, yìnyín tó dí i nínú ló yọ́ dànù.

Kọ́ìlì tó ń mú òtútù wá wà lẹ́yìn ike tó bo ògiri ẹ̀yìn fírísà. Fáànù ń fa atẹ́gùn gba àárín rẹ̀, ó ń tú díẹ̀ sílẹ̀ fún ìsàlẹ̀. Ọ̀rinrin tó bá atẹ́gùn wọlé, pàápàá lásìkò òjò tí àwọn ọmọ ń ṣílẹ̀kùn ṣáá, á dì mọ́ kọ́ìlì. Bí nǹkan kan ò bá yọ́ ọ, á dí àlàfo pa, fáànù á máa yí lásán. Òkè á ṣì dì torí pé ó wà nítòsí kọ́ìlì, àmọ́ atẹ́gùn ò ní dé ìsàlẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń yọ́ ọ. Táímà ń ka wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́. Bó bá pé, láàárín 6 sí 12 bí wọ́n ṣe ṣe é, á gé iná kúrò lára kọ́ńpúrẹ́sọ̀ àti fáànù, á darí rẹ̀ sí hítà. Hítà ni ọ̀pá tó ń gbóná lábẹ́ kọ́ìlì tàbí láàárín rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ni irin róbótó kékeré tí wọ́n há mọ́ páìpù kọ́ìlì: bí kọ́ìlì bá tutù gan-an, bíi díígírì 7 lábẹ́ òdo, ẹnu rẹ̀ á pa dé kí iná lè kọjá sí hítà. Nígbà tí yìnyín bá tán, tí kọ́ìlì gbóná dé nǹkan bíi díígírì 10, ẹnu rẹ̀ á là, hítà á kú. Fíúsì kan tún wà pẹ̀lú wọn tó máa já bí ooru bá lé ní 70. Tó bá ti já, ó já náà nìyẹn.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ láàmú nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì tó ní táímà oníyíyí, mótò kékeré inú táímà kò ní ọ̀nà tirẹ̀ tí iná lè gbà padà. Inú hítà àti fíúsì náà ni iná rẹ̀ ń gbà kọjá. Ìdènà iná inú mótò yẹn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún óòmù, ti hítà ò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, nítorí náà iná tó ń kọjá kéré débi pé hítà ò ní gbóná rárá. Bí àkókò yíyọ́ bá dé, tí sẹ́ńsọ̀ pa ẹnu dé, iná á gba inú rẹ̀ lọ tààrà, mótò á dúró, hítà á gbóná. Bí sẹ́ńsọ̀ bá la ẹnu, mótò á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, láìpẹ́ á dá iná padà fún kọ́ńpúrẹ́sọ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́. Bí hítà bá já nígbà tí ẹ̀rọ ń tutù, mótò táímà náà á dúró, kò sì ní í ka wákàtí mọ́. Bí sẹ́ńsọ̀ bá kọ̀ láti pa ẹnu dé, táímà á máa yí dáadáa, yóò kọjá lórí àkókò yíyọ́, ṣùgbọ́n hítà ò ní gbóná. Bí sẹ́ńsọ̀ bá pa ẹnu dé tí kò là mọ́, hítà á máa gbóná lọ títí fíúsì á fi já. Mótò á wá dúró síbi yíyọ́, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ò sì ní dìde mọ́.

Ká ní irú èyí tó kẹ́yìn yìí ló wà níwájú yín: iná wà, gílóòbù inú fíríìjì ń tàn, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ò dún rárá. Oníṣẹ́ á fi sukudiráfà yí kòtò tóóró ojú táímà sí apá ọ̀tún títí á fi dún "kọ́", kọ́ńpúrẹ́sọ̀ á dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á ní táímà ló bàjẹ́, á ra tuntun. Táímà tuntun náà ò ní yí, nítorí fíúsì tó já kò jẹ́ kí iná rẹ̀ rọ́nà kọjá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, yìnyín á tún dí kọ́ìlì.

Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ tú ike ẹ̀yìn fírísà. Bí yìnyín bá bo kọ́ìlì látòkè délẹ̀ bákan náà, ọ̀rọ̀ yíyọ́ ni. Bó bá jẹ́ ibi tí gáàsì ń gbà wọlé nìkan ló dì, tí ìyókù gbẹ, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó dárúkọ gáàsì. Ẹ gbé abọ́ omi gbígbóná síbẹ̀ kó yọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ gún un, torí páìpù yẹn rọ̀.

Ẹ yọ wáyà hítà, kí ẹ fi mítà tó ń ka óòmù wọ̀n ọ́n. Ti wáàtì 200 lórí fóòtì 240 yẹ kó ka nǹkan bí óòmù 288. Bí mítà ò bá ka nǹkan kan, ó ti já. Fíúsì gbọ́dọ̀ ka òdo tàbí kó súnmọ́ ọn. Ẹ má fi wáyà lásán so ó pọ̀. Ike àti fóòmù ló yí i ká, òun nìkan ló sì ń dènà kí ilé má jóná. Sẹ́ńsọ̀ tó wà níta gbọ́dọ̀ la ẹnu. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ rì í sínú yìnyín fífọ́ tí ẹ da iyọ̀ púpọ̀ sí, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yìnyín lásán ò tutù tó láti pa á dé. Ó gbọ́dọ̀ pa ẹnu dé, kó sì tún là bó bá móoru.

Ẹ̀yìn tí gbogbo ìwọ̀nyí bá dára ni kí ẹ tó kan táímà. Ẹ fi bírò sàmì sí kòtò rẹ̀, kí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́ wákàtí méjì, ẹ padà wò ó. Bí àmì ò bá kúrò lójú kan, mótò rẹ̀ ti kú, tàbí eyín inú rẹ̀ ti jẹ. Iná tó bá fò sókè nígbà tó ń padà dé wà lára ohun tó ń jó mótò yẹn.

Àwọn fíríìjì tó ní pákó ẹ̀rọ, ìyẹn bọ́ọ̀dù tó ń darí iná wọn, dípò táímà ò ní kòtò tí a ń yí. Sẹ́ńsọ̀ tiwọn kì í la ẹnu tàbí pa á dé. Óòmù rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i bó bá ti ń tutù. Bó bá ń ka iye tí kò yẹ, pákó ò ní mọ̀ pé kọ́ìlì ti dì.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa máa ń bo àìsàn yìí mọ́lẹ̀. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ kan gbáko, yìnyín á yọ́ fúnra rẹ̀, fíríìjì á sì dà bí tuntun nígbà tí iná bá dé. Bí iná bá wá dúró fún ọjọ́ bíi mẹ́ta tí ìsàlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún oníṣẹ́ yín kó tó mú ìgò gáàsì jáde.