Àpótí ni àbí ọ̀pá? Fún ẹ̀yin àbúrò tó ń yàwòrán ìṣúná

Àsìkò ìṣúná ti tún dé. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ wa ní agbègbè Ìkòròdú tún ti ń kó tirimáàpù bọ̀, àwòrán tí ìtóbi àpótí ń fi iye owó hàn: ẹ̀ka mẹ́rìnlá, àpótí mẹ́rìnlá, àwọ̀ mẹ́rìnlá bí aṣọ ọjà. Ó dùn ún wò, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí káńsẹ́lọ̀ kan ṣáà béèrè pé, "Ìlera àti ẹ̀kọ́, èwo ni ẹ fún lówó jù?", kí ẹ wá wo bí gbogbo yín á ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní: ojú èèyàn mọ gígùn ju fífẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ méjì, Cleveland àti McGill, ti dán an wò lọ́dún 1984. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà kan náà ni ojú ń fi wéra dáadáa jù. Ìwọ̀n ilẹ̀ tí àpótí gbà wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìṣúná jẹ́ bílíọ̀nù 2 náírà, ẹ sì ya tirimáàpù tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, tó ga ní 10. Sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan á jẹ́ mílíọ̀nù 10. Ìlera gba mílíọ̀nù 248, ẹ̀kọ́ gba 236. Kọ̀ǹpútà lè gbé ìlera dúró bí òpó, 3.1 sí 8, kó sì gbé ẹ̀kọ́ kalẹ̀ bí àga, 5.9 sí 4. Wọ́n rí bákan náà lójú ẹni tó jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ẹlòmíì á tilẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ló pọ̀ jù torí pé ó fẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní ẹ gé owó ìlera, nígbà tó jẹ́ pé àwòrán yín ló gé e.

Ẹ ya iye kan náà ní báà-ṣáàtì. Kí ọ̀pá ẹ̀ka iṣẹ́ òde, tó gba mílíọ̀nù 500, gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ìlera á jẹ́ 4.96, ẹ̀kọ́ 4.72. Ìyàtọ̀ náà kéré, àmọ́ ọ̀kan wà lábẹ́ èkejì, ẹnu ọ̀kan sì yọ ju tìkejì lọ. Kò sí ẹni tó máa jiyàn.

Èkejì ni àwọn ẹ̀ka kéékèèké, ó sì ń bí mi nínú jù. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ àti eré ìdárayá gba mílíọ̀nù 14, àpótí rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà kan sí 1.4 lọ. Orúkọ rẹ̀ ò lè wọ ibẹ̀, Excel á kàn yọ orúkọ náà kúrò, kò ní sọ fún yín. Olórí ẹ̀ka náà á jókòó níbẹ̀, á máa wá ara rẹ̀ nínú àwòrán. Ní báà-ṣáàtì tó dùbúlẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ ò ní pé ìdá mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà, àmọ́ orúkọ wà lápá òsì, iye wà lẹ́nu ọ̀pá. Ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ ẹni di aláìsí nítorí pé owó rẹ̀ kéré!

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Orúkọ ẹ̀ka wà ní A2 dé A15, owó wà ní B2 dé B15, àpapọ̀ wà ní B16. Ẹ to owó láti orí èyí tó pọ̀ jù. Fún ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ kọ èyí sí C2, kí ẹ fà á wálẹ̀ dé C15, kí ẹ sì yan àmì `%` fún un:

```
=B2/$B$16
```

A1 dé B15 nìkan ni kí ẹ mú fún àwòrán. Bí B16 bá bá wọn wọlé, àpapọ̀ á gba ìdajì gbogbo tirimáàpù. Ní báà-ṣáàtì, ọ̀pá rẹ̀ á gùn débi pé àwọn yòókù á di kùkùté. Àwòrán tí àpótí kan bá ti gba ìdajì gééré, B16 ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Excel máa ń yí báà-ṣáàtì tó dùbúlẹ̀ kọ orí sódì, ẹ lọ sí `Format Axis`, kí ẹ fi àmì sí `Categories in reverse order`. Kí ìlà bẹ̀rẹ̀ láti 0. Àwọ̀ kan ṣoṣo ti tó.

Ẹ̀kẹta... ẹ má sọ pé mo kórìíra tirimáàpù. Shneiderman tó gbé e jáde ní nǹkan bí ọdún 1990, ohun tó ń kún dísíìkì kọ̀ǹpútà ló ń wá, fáìlì nínú fódà, fódà nínú fódà. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwọn iṣẹ́ 160 tó wà lábẹ́ ẹ̀ka mẹ́rìnlá hàn lójú ìwé kan, ọ̀pá 160 ò lè gba ibẹ̀. Ẹ lo òpó mẹ́ta: ẹ̀ka, iṣẹ́, owó, kí ẹ wá yan `Banner` ní `Label Options`, kí orúkọ ẹ̀ka lè wà lórí àwọn àpótí tirẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá dín owó iṣẹ́ kan kù láàárín ọdún, tí ẹ sì fẹ́ fi iye tí wọ́n yọ hàn, ẹ padà sórí ọ̀pá, torí kò sí àpótí tó kéré ju òfo lọ.