Irin inú ẹran, irin inú ẹ̀wà: ohun tí iṣẹ́ kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oúnjẹ nílé ìwòsàn, bí aboyún bá ní òun ń jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dáadáa, tí PCV rẹ̀ kò sì gòkè, ẹ má ṣe rò pé irọ́ ló ń pa. Ẹ bi í ní ohun tó ń jẹ mọ́ ọn, àti ohun tó ń mu tẹ̀ lé e.

Nínú ẹran, apá kan irin ibẹ̀ wà láàárín èròjà tí à ń pè ní hímù, tó ká a mọ́. Ara ìfun máa ń gbé hímù yìí wọlé lódindi, inú sẹ́ẹ̀lì ló ti ń tú irin rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ohun mìíràn inú oúnjẹ kò fi fi bẹ́ẹ̀ rí i dí lọ́wọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, bíi 15 sí 35 ló ń wọ ara.

Irin ẹ̀wà kò ní ohun tó bò ó. Ó ń yọ́ nínú omi kíkan inú ikùn, ṣùgbọ́n tó bá dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, níbi tí kíkan náà ti rọ̀, Fe³⁺ á dì, kò ní ṣeé gbà. Fe²⁺ sì ni DMT1, ọ̀nà tí irin yìí ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì, ń fẹ́. Fáítéètì inú ẹ̀wà àti tánìnì inú tíì tún máa ń so mọ́ irin náà, tí wọ́n á fi bá ìgbẹ́ jáde.

Ibí ni fítámìn C ti wúlò. Ó ń sọ Fe³⁺ di Fe²⁺, ó sì ń di irin náà mú kó má baà dì kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n inú ikùn kan náà, lásìkò kan náà, ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ pàdé.

Obìnrin kan tí mo tọ́jú ń jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, ó ń mu tíì lé e lójú ẹsẹ̀, ó wá ń mu ọsàn lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá mú. Ife ẹ̀wà sísè kan ní bíi mílígíráàmù 4 irin. Ká ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ló wọlé, 0.2 péré nìyẹn. Ọsàn la ní kó gbé wá sídìí ẹ̀wà, kó sì sún tíì síwájú ní wákàtí méjì. Bó bá di ìdá 10, ó di 0.4, láìfi kọ́bọ̀ kún owó oúnjẹ. Ẹran díẹ̀ nínú ọbẹ̀ náà ń ran irin ẹ̀wà lọ́wọ́. Ata tí a sè pẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ ọsàn, torí iná ń ba fítámìn C jẹ́.

Síbẹ̀, àlékún yìí kéré sí ohun tí oyún ń gbà, nítorí náà kò gbọdọ̀ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. FeSO₄ inú oògùn náà ti jẹ́ Fe²⁺ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí fítámìn C kò fi ní púpọ̀ láti fi kún un. Bí PCV kò bá yí padà lẹ́yìn oṣù kan tó ti ń lo oògùn déédéé, ẹ wádìí ibà àti aràn inú.