"Dátà wo?"

Alẹ́ àná ni mo jókòó láti tún ọ̀rọ̀ tí mo kọ nípa ara mi sórí LinkedIn kọ. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni: "Akáńtáǹtì aláápọn tó fẹ́ràn dátà." Mo fi han ọ̀gá mi àtijọ́. Wọ́n kà á, wọ́n ní, "Dátà wo? Kí lo fi ṣe?"

Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni. Mo bá rántí iṣẹ́ ìparí oṣù mi: fífi ìwé owó ilé-iṣẹ́ wé ìwé báǹkì, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méjì ló máa ń gbà mí nínú Excel. Nígbà tí mo kọ́ SQL, èdè tí a fi ń wá dátà jáde láti inú àkójọ rẹ̀, mo fi `LEFT JOIN` so ìwé méjèèjì pọ̀, kí n lè rí owó inú ìwé ilé-iṣẹ́ tí kò ní ẹnìkejì nínú ìwé báǹkì. Iye owó nìkan ni mo kọ́kọ́ fi so wọ́n, ni owó méjì tó jẹ́ iye kan náà nínú ìwé méjèèjì bá di ìlà mẹ́rin, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé kan bá méjèèjì nínú ìwé kejì mu. Àròpọ̀ tó ga ju ti ìwé lọ ló tú àṣírí. Mo wá fi nọ́ńbà ìsanwó kún un.

Ohun tí mo kọ nìyí: "Akáńtáǹtì ni mí láti ọdún mẹ́ta. Mo fi SQL sọ ìfiwéra ìwé báǹkì ọlọ́jọ́ méjì di iṣẹ́ wákàtí kan. Mò ń wá iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ dátà ní ẹ̀ka ìṣúná." Mi ò yọ akáńtáǹtì kúrò; òun ló kọ́ mi láti máa yẹ àròpọ̀ wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yí iṣẹ́ padà, kí lẹ kọ sí ìlà àkọ́kọ́ tiyín?